Alátọ̀gbẹ, ẹ má fi inú òfo rìn

Ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ oríṣi kejì máa ń lo Dáónìlì lẹ́yìn ìrun Súbúhì, wọ́n á sì jáde lọ rìn láìtíì jẹun. Ewu ni. Oògùn yìí ń lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ìrìn náà sì ń lò ó. (Mẹtifọ́mìnì nìkan kì í sábà fa èyí.) Ẹ lo oògùn pẹ̀lú oúnjẹ, kí ẹ rìn ní bíi wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò yín, tí àyà ń lù kìkì, ẹ dúró. Ẹ jẹ kóró ṣúgà mẹ́rin, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wọn ṣúgà yín. Bí kò bá tó 70, ẹ tún un jẹ. Bí ara bá balẹ̀, ẹ jẹun gidi, torí agbára Dáónìlì kì í tètè tán. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.