Iye Owó Tí Ará Ṣáínà Kì Í Fẹ́ Rí

Ká ní oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ta ife tíì fún àwọn ará Ṣáínà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó kọ nípa ọjà náà kò gùn: ife mẹ́rin nínú páálí funfun, ẹ̀bùn tó dára jù lọ fún òbí ẹni, yúànì 250 péré lẹ́yìn ẹ̀dínwó ìdá 20 nínú 100. Ògbufọ̀ tú u sí èdè Ṣáínà láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Síbẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibì kan nínú ìkéde náà tí kò ní ìjàngbọ̀n tirẹ̀ lójú ẹni tí yóò rà á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́rin. Ohùn ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nínú èdè Ṣáínà gẹ́gẹ́ bíi ti Yorùbá, nítorí náà ẹni tó mọ̀ pé igba kì í ṣe igbá kò ní ṣòro láti là á yé. “Sì” ni wọ́n ń pe mẹ́rin, “sǐ” sì ni kíkú. Ohùn nìkan ló wà láàárín wọn. Ìdí nìyí tí bọ́tìnì àjà kẹrin kò fi sí nínú ẹ̀rọ agbéniròkè ọ̀pọ̀ ilé gíga ní Hong Kong. Àwọn tó ń ṣe fóònù OnePlus fo 4 lọ́dún 2017, wọ́n ti 3T bọ́ sí 5. Nígbà tí mọ́tò Alfa Romeo 164 dé Hong Kong, 168 ni wọ́n sọ ọ́ dà, torí ìró 168 fẹ́ jọ “ọlà ní gbogbo ọ̀nà”.

Mẹ́jọ ni àyànfẹ́ wọn. “Bā” ni orúkọ rẹ̀, ó sì sún mọ́ “fā”, ìyẹn kí nǹkan búrẹ́kẹ́. Ọjọ́ 8, oṣù 8, ọdún 2008, ní aago mẹ́jọ alẹ́, ni wọ́n ṣí ìdíje Òlíḿpíìkì ní Beijing. Lọ́dún 2003, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Sichuan san owó tó lé ní mílíọ̀nù méjì yúànì kí nọ́ńbà fóònù 88888888 lè di tirẹ̀.

Ti 250 tún yàtọ̀ sí èyí. Èébú ni: òmùgọ̀ ni wọ́n ń fi nọ́ńbà yẹn pè. Bí ọjà bá tilẹ̀ pọ̀ tó owó rẹ̀, ta ló fẹ́ ka èébú kó tó sanwó?

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí ife di mẹ́fà, torí mẹ́fà ń tọ́ka sí kí nǹkan máa lọ geere, kí owó sì di yúànì 268. Ṣùgbọ́n kí olùtajà má gbàgbé iye tí ẹ̀rọ yóò ṣírò fúnra rẹ̀. Ọjà 555 yúànì kò ní àléébù. Yọ ìdá 20 nínú 100 kúrò, ó di 444, níwájú oníbàárà gan-an. Iye tó kù lẹ́yìn ẹ̀dínwó ni ká máa yẹ̀ wò. Òṣùwọ̀n ní tiẹ̀ kò ṣeé yí: ìkòkò tó gba lítà mẹ́rin, lítà mẹ́rin náà ni ká kọ.

Ẹ̀dínwó gan-an ni ọ̀fìn tó jìn jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn kì í ka á sí. Iye tí a yọ kúrò ni àwa máa ń sọ. Iye tó kù láti san ni ará Ṣáínà ń sọ. Ẹ̀dínwó ìdá 20 nínú 100 di `8折` lọ́dọ̀ wọn, èyíinì ni pé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni oníbàárà máa san. Bí ògbufọ̀ bá ṣèèṣì kọ `2折`, ife tí owó rẹ̀ jẹ́ 335, tó yẹ kó wá sí 268, á di ti 67 yúànì. Oníbàárà tó bá sì ti rí i bẹ́ẹ̀ kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni pé àṣìkọ ni.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ gba pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ohun tí àwọ̀ bà lé ló ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Funfun jẹ mọ́ ọ̀fọ̀, àpòòwé funfun ni wọ́n sì fi ń kó owó ìsìnkú, nígbà tí ti ọdún àti ti ìgbéyàwó máa ń jẹ́ pupa. Páálí funfun tí a pè ní ẹ̀bùn fún òbí ló burú, kì í ṣe ife. Amọ̀ dídán funfun láti Dehua ti lókìkí láti ayébáyé. Àwọ̀ ewé bá tíì mu dáadáa, ṣùgbọ́n fìlà aláwọ̀ ewé lórí ọkùnrin túmọ̀ sí pé ìyàwó rẹ̀ ń yan àlè. Kí olùtajà fìlà yan àwòrán mìíràn. Pupa pàápàá ní ibi tí kò yẹ: wọn kì í fi yíǹkì pupa kọ orúkọ ènìyàn.

Gbólóhùn “tó dára jù lọ” ló kù, òfin ló sì ta kò ó. Òfin ìpolówó ọjà tí Ṣáínà tún ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ nínú ìpolówó, ìtanràn rẹ̀ sì wà láàárín 200,000 yúànì sí mílíọ̀nù kan. Kí oníṣòwò náà kúkú sọ ohun tó ṣeé wọ̀n: ìwọ̀n omi tí ife kọ̀ọ̀kan ń gbà, bí amọ̀ rẹ̀ ṣe nípọn tó, àti bóyá a lè gbé e sínú máíkírówéfù.