Ọ̀rẹ́ Ìyàwó Tuntun Kò Tíì Pé Ọmọ Ọdún Mẹ́jọ

Ẹni tó bá ti wà níbi àdúrà ogójì ọjọ́ arúgbó rí ní Òkè-Ògùn mọ̀ pé ọjọ́ náà kì í rọ onítìjú lọ́rùn. Láti ìdájí ni iná ti ń jó lábẹ́ àdògán lẹ́yìnkùlé. Àwọn ààfáà á dé kí oòrùn tó mú, àwọn ọmọ ilé tó ń gbé Ìbàdàn, Ìlọrin àti Èkó á sì máa bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, kóówá pẹ̀lú ariwo tirẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ ara wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé, "Ta nìyẹn?"

Ní Ìsẹ́yìn, nínú agbo ilé àwọn ahunṣọ kan, ìyàwó tuntun ni ẹni náà. Ṣómólú ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, Èkó náà ni wọ́n ti so yìgì rẹ̀ nínú oṣù Kejìlá. Ìgbà tí ìyá tó bí bàbá ọkọ rẹ̀ kú, tí wọ́n ń ṣe àdúrà ogójì ọjọ́, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan ilé náà. Ohùn rẹ̀ kéré. Tí èrò bá pọ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò. Ọkọ rẹ̀ mú un wọlé, ó fi í han àwọn bàbá mẹ́ta, ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fà á lọ síbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ó kù ú ku òun nìkan láàárín ọgbà.

Kí a tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń to èrò irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ àlejò ti máa ń kọ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ilé, ìyẹn àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, títí kan àwọn ọmọbìnrin tó ti wà nílé ọkọ tiwọn. Àwọn yòókù ni obìnrin ilé, àwọn tí wọ́n gbé níyàwó wá síbẹ̀. Ọjọ́ tí oníkálukú wọlé ni wọ́n fi ń mọ àgbà láàárín àwọn obìnrin ilé. Ẹni ọgbọ̀n ọdún tó dé lánàá, àbúrò ni lọ́wọ́ ẹni ọdún méjìlélógún tó ti dé níjọ́un. Ọmọ ilé èyíkéyìí tí wọ́n bá sì ti bí kí ìyàwó tó dé, ìbáà ṣe ìkókó, ó ṣáájú rẹ̀ nínú ilé. Ọkọ ló jẹ́ fún un, kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀.

N. A. Fádípẹ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ ìgbé ayé àti ẹbí Yorùbá sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí tó ṣe ní yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, tí wọn kò tẹ̀ ní ìwé títí di 1970, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní 1997, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tún gbé ọ̀rọ̀ ipò àgbà yìí yẹ̀ wò, ó ní ẹni tó kọ́kọ́ wọ ìdílé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ìyàwó ará Ṣómólú kò ka èyíkéyìí nínú ìwé wọ̀nyí, ìyá rẹ̀ nìkan ló ti kìlọ̀ fún un kó tó kúrò nílé. Àmọ́ ìkìlọ̀ kò fi ojú èèyàn hàn ọ́. Ta ni ọmọ ilé, ta ni obìnrin ilé, nígbà tí gbogbo wọn wọ aṣọ ẹbí kan náà?

Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún méje kan ń sáré kọjá, ìyàwó sì ti gbọ́ tí ẹnì kan pe orúkọ rẹ̀. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó rọra pe ọmọ náà lórúkọ, ó ní kó jọ̀ọ́ bá òun bu omi wá. Ohùn rẹ̀ tí kì í jáde, ọjọ́ náà ló jáde. Ìyá kan tó ń ṣa ewédú yíjú padà, ó ní, "Ìyàwó, ta lò ń pè lórúkọ bẹ́ẹ̀? Ọkọ rẹ?" Àwọn obìnrin ìdí iná bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ìbínú nínú ẹ̀rín náà, mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún wọn, torí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí. Ṣùgbọ́n onítìjú kì í gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ bí àwọn tó ń rín in ṣe ń gbọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì lọ dúró sẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n to àga sí.

Ọmọ náà ló tọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú omi nínú ike. Ó dúró tì í títí ó fi mu ún tán. Ó wá ní, "Ìyàwó wa, ẹ fún mi lórúkọ, kí wọ́n má bàa tún fi yín ṣẹlẹ́yà."

Ohun tó béèrè yìí kì í ṣe eré. Ó ti rí i pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìyàwó ilé ń ṣe. Ìyàwó á wo ẹni tó fẹ́ sọ lórúkọ dáadáa, á sì mú orúkọ láti ara ohun tó wù ú lára onítọ̀hún. Bó bá dúdú, tó ń dán, Adúmáadán ni. Ẹni tínínrín ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Arẹwà ọmọbìnrin lè di Awẹ́lẹ́wà tàbí Ìbàdíàrán, ọmọkùnrin tó sì fẹ́ràn ìwé lè di Akọ̀wé. Orúkọ ẹ̀yẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀yẹ. Bó bá fi àbùkù kan èèyàn pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ìyàwó wo ọmọ náà, ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí i, eyín iwájú méjì kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ló bá sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí obìnrin náà rẹ́rìn-ín láti àárọ̀.

Ó wá bi í bóyá kí òun wá orúkọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin náà, ìkókó tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Eyínfúnjowó ronú díẹ̀. Inú oṣù Kejì ni wọ́n bí ìyẹn, wọ́n sì ti gbé ìyàwó nínú oṣù Kejìlá tó ṣáájú. Ó ní, "Rárá o, ẹ̀yin lẹ bá a láyé, ẹ pè é lórúkọ." Bàbá kan náà, ìyá kan náà, ọ̀kan jẹ́ ọkọ, ìkejì jẹ́ ọmọ. Ọmọ ọdún méje ló fi oṣù méjì péré yanjú ohun tí àgbà mìíràn á fi wákàtí kan ṣàlàyé.

Mo ti béèrè lọ́wọ́ ara mi ìdí tó fi jẹ́ pé ọmọdé ló bá a ṣọ̀rẹ́, tí kì í ṣe àwọn ìyàwó ẹgbẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, àwọn ìyàwó tó kù ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó dé gbẹ̀yìn ṣáájú rẹ̀ ló tilẹ̀ ti ń retí rẹ̀ jù, torí pé láti ọjọ́ yẹn, omi pípọn àti àwo fífọ̀ bọ́ lọ́rùn òun díẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ràn rẹ lọ́la, àmọ́ lónìí, ìkòkò ló máa gbé fún ọ. Ọmọdé ilé kò ní irú ìṣirò yẹn. Ọmọ ilé ni, kò sí yàrá tí kò lè wọ̀. Òun náà ni wọ́n ń rán níṣẹ́ láti ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì: lọ gbé àwo fún ìyá yìí, lọ pe bàbá yẹn, lọ ká òwú fún àwọn tó wà nídìí òfì. Ó mọ orúkọ, ó mọ ìjókòó, ó sì mọ ẹni tó máa ń bínú.

Ó mú ìyàwó kiri ilé. Á ti kọ́kọ́ sọ ẹni tó wà nínú yàrá kí wọ́n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. "Àwọn tó wọ awò yẹn, àbúrò bàbá àgbà ni wọ́n. Obìnrin ni wọ́n, ṣùgbọ́n bàbá ni wọ́n." Ìyàwó mọ̀ nígbà náà pé ọmọ ilé nìyẹn, kì í ṣe ìyàwó bíi tòun, pé ìkúnlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Ọmọ á ní, "Ìyàwó wa wá kí yín o," obìnrin náà á sì kúnlẹ̀: "Ẹ kú ìnáwó o, ẹ kú àṣeyẹ. Ọlọ́run á fi Àlùjánnà kẹ́ ìyá." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ìtìjú ń dà láàmú máa ń rò pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n ń retí lẹ́nu òun. Lọ́wọ́ àgbà ilé, ìyàwó tí kò sọ̀rọ̀ kò ní ẹ̀bi kankan, a tilẹ̀ máa wù wọ́n. Èyí tí kò kí wọn ni wọ́n á pè ní agbéraga, ẹni tó bá sì sá pamọ́ sẹ́yìn ilé kò lè kí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rẹ́ kékeré ní ewu tirẹ̀, àṣírí kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àmàlà wá, ìyàwó sọ fún un pé òun kò fẹ́ràn gbẹ̀gìrì. Kò tíì gbé òkèlè kẹta tí gbogbo ìdí iná fi gbọ́. Ó rò pé ilẹ̀ á yanu. Ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ yìí kan náà ló ti kéde pé láti àárọ̀ ni ìyàwó kò tíì jẹun, pé ojú ló ń tì í. Ìyá tó bá a wí nípa orúkọ ọkọ rẹ̀ ló bu ewédú lásán pẹ̀lú ẹran tútù fún un, ó ní kó jókòó ti òun, kó jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Níbẹ̀ ló ti gbọ́ tí ìyá náà ń ki oríkì ilé bí àwọn ọmọ òkú ṣe ń wọlé. Obìnrin ilé ni ìyá yìí náà, wọ́n gbé e wá láti ìlú mìíràn ni. Karin Barber, òyìnbó tó gbé ní Òkukù láàárín àwọn obìnrin tó ń ki oríkì, tó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1991, ti ṣàlàyé pé jíjókòó ti àwọn tó ṣáájú àti fífetí sílẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ìyàwó wa kò lè kì í lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó ní kó kì í. Ó ń gbọ́, ó ń jẹun.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n nílò àga sí i. Ó pe Eyínfúnjowó, ó pè é sókè. Àwọn ìyá bi ara wọn pé ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà dáhùn, tó sì ya ẹnu rẹ̀, wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín, ìyàwó sì bá wọn rín in. Orúkọ kẹrin tí àwọn ìyàwó ilé ti fún ọmọ náà nìyẹn. Bí wọ́n bá ti pè é látòkèèrè, kò ní láti wẹ̀yìn kó tó mọ èyí tó ń pè é nínú wọn.