Ohun tí Ṣadé Kò Sọ fún Olóko

Ìbéèrè náà kò gùn rárá. Àlàbí, oníṣòwò kòkó kan ní Ìbàdàn, rán Ṣadé lọ sí Oǹdó pé kó bá òun ra tọ́ọ̀nù kòkó 10. Ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ san ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ lórí tọ́ọ̀nù kan. Nígbà tí Ṣadé fi máa débẹ̀, kòkó ti gbówó lórí, ló bá gbà láti san mílíọ̀nù 5.4. Orúkọ ara rẹ̀ ló fi ra ọjà náà. Kò dárúkọ Àlàbí fún olóko, kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni rán òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àlàbí ló ń rà á fún lọ́kàn rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó pe Àlàbí lórí fóònù, Àlàbí sì ní, "Ó dáa, mo gbà á bẹ́ẹ̀."

Kí wọ́n tó kó ọjà, owó kòkó já wálẹ̀. Àlàbí yọwọ́, Ṣadé kò sì lówó lọ́wọ́. Olóko ta kòkó náà fún ẹlòmíràn ní mílíọ̀nù 4.5 lórí tọ́ọ̀nù kan, èyí tó túmọ̀ sí pé ó pàdánù mílíọ̀nù 9 lápapọ̀. Ó pe Àlàbí lẹ́jọ́. Ǹjẹ́ Àlàbí ni yóò san án?

Ìdáhùn mẹ́rin ni wọ́n tò sílẹ̀. A ní Àlàbí ni yóò san án nítorí pé òun ló rán Ṣadé níṣẹ́. B ní òun náà ni, nítorí pé lójú olóko, Ṣadé jọ ẹni tó ní àṣẹ rẹ̀. C ní òun náà ni, nítorí pé ó ti fọwọ́ sí ohun tí Ṣadé ṣe. D ní kì í ṣe òun: Ṣadé ni kí olóko dì mú.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ òfin mú C. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dán irú ìbéèrè yìí wò, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló fi mú C, ìyẹn ló sì gbé e dé ọ́fíìsì olùkọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "ọkùnrin yìí ṣáà sọ fúnra rẹ̀ pé òun gbà á. Kí ló tún kù?"

Olùkọ́ náà kò kọ́kọ́ dá C lẹ́bi. Ó ní kí wọ́n mú A àti B kúrò ná. A kò lè dúró, nítorí pé Àlàbí pààlà sí iṣẹ́ tó rán Ṣadé, Ṣadé sì ré ààlà náà kọjá. B kò lè dúró, nítorí pé olóko kò mọ̀ pé Àlàbí wà láyé. Ẹni tí a kò mọ̀, báwo la ṣe máa rò pé ó fún ẹlòmíràn láṣẹ?

Ó wá ku C, òun ló sì le jù, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Òfin gbà pé bí aṣojú bá ré ààlà kọjá, ẹni tó rán an lè fọwọ́ sí ohun tó ṣe lẹ́yìn tó ti ṣe é. Bó bá ti fọwọ́ sí i, yóò dà bí ẹni pé àṣẹ ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin tún gbà pé bí aṣojú bá dúró nínú ààlà tí a pa fún un, a lè pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́, bí aṣojú náà kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún ọlọ́jà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ òfin méjèèjì dáadáa. Ohun tó ṣe ni pé ó so wọ́n pọ̀: ó mú ọ̀gá tó fara pamọ́ láti inú ọ̀kan, ó mú ìfọwọ́sí láti inú èkejì. Ibẹ̀ gan-an ni òfin ti ní rárá.

"Má jẹ̀ẹ́ kó dùn ọ́," olùkọ́ náà sọ fún un. "Àwọn adájọ́ àgbà ti mú C rí."

Ẹjọ́ náà wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ Keighley, Maxsted ní kí oníṣòwò ọkà kan tó ń jẹ́ Roberts ra àlìkámà fún àwọn àti fún òun náà, wọ́n sì sọ iye tí kò gbọdọ̀ kọjá. Roberts ra àlìkámà lọ́wọ́ Durant ju iye yẹn lọ, ní orúkọ ara rẹ̀, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni Keighley, Maxsted ní àwọn fara mọ́ ọn. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó wá kó ọjà. Durant ta àlìkámà náà ní àdánù, ó sì gbé wọn lọ sí kóòtù. Ní ọdún 1900, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá Durant láre. Ní ọdún 1901, Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, tó jẹ́ kóòtù tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà náà, yí ìdájọ́ náà padà.

Ìdí tí wọ́n fi yí i padà ni pé kí ènìyàn tó lè fọwọ́ sí ohun tí ẹlòmíràn ṣe lórúkọ òun, ẹni náà gbọ́dọ̀ ti fi hàn nígbà tó ń ṣe é pé ẹnì kan ló ń ṣe é fún. Roberts kò fi hàn. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ló wà. Gbèsè kò lè ti inú èrò tí ẹnì kan kò sọ jáde wá. Àdéhùn tó wà nílẹ̀ jẹ́ ti Roberts àti Durant nìkan, kò sì sí àyè ẹnì kẹta nínú rẹ̀ tí Keighley, Maxsted lè wọ̀.

Yorùbá ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Olùkọ́ náà ní òwe yẹn gan-an ló ń ti akẹ́kọ̀ọ́ sínú C. Àlàbí àti Ṣadé nìkan ló ń wò: ó rán an, ó ré ààlà kọjá, ó pè é, ó gbà. Lórí ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí, ẹni tí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ fún ni òfin kọ́kọ́ ń wò. Kí ni olóko gbọ́ lẹ́nu Ṣadé lọ́jọ́ tí wọ́n dúnàádúrà?

Akẹ́kọ̀ọ́ náà dákẹ́ díẹ̀. "Tí Ṣadé bá wá sọ pé Àlàbí ló rán òun ńkọ́, mà?"

"C nìyẹn," olùkọ́ náà dáhùn. Iye owó náà ìbáà ṣì ju ààlà lọ, ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn ìbá sì ti di Àlàbí mú.

Ó tún yí ìbéèrè náà sódì. Ká ní Ṣadé dárúkọ Àlàbí fún olóko, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ló fẹ́ fi kòkó náà ṣe lóore ńkọ́? Ní ọdún 1899, kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdé irú rẹ̀ nínú ẹjọ́ Tiedemann àti Ledermann, níbi tí aṣojú ti fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ dúnàádúrà fún èrè ara rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gá náà lè fọwọ́ sí i. Èrò búburú tó pamọ́ kò ba ìfọwọ́sí jẹ́, gẹ́gẹ́ bí èrò rere tó pamọ́ kò ṣe lè bí i.

Ọ̀rọ̀ fóònù náà kò ṣòfò pátápátá. Ó ṣeé ṣe kí Ṣadé ní nǹkan tó lè bi Àlàbí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín àwọn méjèèjì nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé olóko ni Àlàbí pè tààrà, tí wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn tuntun, orí àdéhùn tuntun yẹn ni ẹjọ́ ìbá dúró, kì í ṣe orí ìfọwọ́sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà fa ìwé ìbéèrè sún mọ́ ara rẹ̀, ó sì tún un kà láti òkè. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé orúkọ ara rẹ̀ ni Ṣadé fi ra ọjà, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó pa C rẹ́, ó sì kọ D.