Bí Ọ̀rọ̀ Ìparí Ọdún Alága Ẹgbẹ́ Onílé Ṣe Ń Dé Orí Ìwé

Bí oṣù Kejìlá bá ti dé àárín, ìkéde á ti lọ káàkiri ọ̀pọ̀ àdúgbò n'Ìbàdàn pé ìpàdé onílé tó ń bọ̀ ni àṣekágbá ọdún. Wọn á ta kánópì síwájú ilé alága, wọn á háyà àga, òórùn ìrẹsì á sì ti máa ta sánsán láti ẹ̀yìnkùlé. Baálẹ̀ á wà níkàlẹ̀, lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ náà á ti jókòó. Nígbà tí wọ́n bá gbàdúrà tán, alága á dìde tòun ti ìwé lọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìíní, á sì máa kà á bọ̀ títí á fi kan oṣù tí a wà nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé ni wọ́n kọ ìwé náà. Èyí tó bá dára nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, oṣù méjìlá ni wọ́n fi kọ ọ́, akọ̀wé ló sì ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe alága tó ń kà á.

Kíka iṣẹ́ ẹgbẹ́ ní oṣù-oṣù kò tíì pẹ́ púpọ̀ láàrin wa. Bí ọjà ṣe ń ná ni ẹgbẹ́ àtijọ́ ṣe ń pàdé, ní ọrún-ọrún tàbí ní ìtàdógún, èsúsú náà kò sì gbọ́ ti kàlẹ́ńdà kankan. Nígbà tí àwọn tíṣà àti akọ̀wé ọ́fíìsì tó ń gba owó oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, irú Ẹgbẹ́ Onítẹ̀síwájú Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1930, ohun tí wọ́n mọ̀ níbi iṣẹ́ ni wọ́n gbé wá sípàdé: ìwé tí wọ́n ń kọ ìpàdé sí, ìwé owó, àti ìròyìn ọdọọdún. Lọ́jọ́ tí owó bá dé ọwọ́ ni ènìyàn lè san owó ẹgbẹ́, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí oṣù fi gba ipò ọjà. Nígbà tó di ayé ìjọba Bùhárí àti Ìdíàgbọn, láàrin 1984 sí 1985, ìmọ́tótó àyíká oṣooṣù tún kó gbogbo ojúlé jáde láàárọ̀ Sátidé kan náà. Àwọn tí kì í rí ara wọn tẹ́lẹ̀ wá ń bá ara wọn nídìí gọ́tà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá wo ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ onílé lónìí á rí i pé Sátidé yẹn ṣì lágbára níbẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n bá rí lójú gọ́tà láàárọ̀ ni wọ́n ń gbé dé ìpàdé.

Inú ìwé ìpàdé yìí ni ọ̀rọ̀ ìparí ọdún ti ń wá. Níparí ìpàdé kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí akọ̀wé fa nǹkan mẹ́ta yọ sí ojú ewé kan tó yà sọ́tọ̀: ohun tí a pinnu, ẹni tí a fi ṣe é, àti iye tí a ná. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, á fi ìlà kan kún un nípa bí iṣẹ́ náà ṣe parí tàbí ibi tó há sí. Bó bá di oṣù Kejìlá, ewé méjìlá ló máa wà níwájú rẹ̀, iṣẹ́ tó kù kò ju kó so wọ́n pọ̀ ní èdè tí etí àgbà á gbà, kó sì fi han alága àti akápò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Akọ̀wé tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ ló máa gbẹ́kẹ̀ lé, ìrántí ènìyàn kì í sì í dọ́gba. Oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá á kún fọ́fọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé wọ́n ṣì tutù lọ́kàn, ọ̀rọ̀ àwọn olè tó ń pọ̀ sí i bí ọdún ṣe ń lọ sópin náà á gba ojú ewé kan gbáko. Ṣùgbọ́n oṣù Kejì àti Kẹta, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, gbólóhùn kan ni wọn á rí gbà: “A tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa.” Bí ẹ bá gbọ́ irú gbólóhùn yìí, ẹ mọ̀ pé kò sí ìwé tí wọ́n wò.

N'Ìbàdàn, oṣù Kejì àti Kẹta ló sì yẹ kí a gbọ́ nípa wọn jù. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980, ni Ògùnpa ya wọ ilé àwọn ènìyàn, tó gbé ẹ̀mí àti dúkìá lọ. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ kan náà, ní 2011, ni òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá tún fọ́ afárá káàkiri ìlú, tí ẹ̀mí tó lé ní 100 sì ṣòfò. Àdúgbò tó bá wà nítòsí odò kò gbọdọ̀ dúró de òjò kó tó kó iyẹ̀pẹ̀ inú gọ́tà. Ìdí rèé tí mo fi fara mọ́ kíka ọ̀rọ̀ náà ní oṣù-oṣù, bó tilẹ̀ ń gùn lójú ẹni tí ebi ń pa. Bí alága bá sọ pé, “Lọ́dún yìí, a kó gọ́tà, a sì tún afárá kékeré ṣe,” gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé oṣù Kẹsàn-án la kó gọ́tà, ẹni tí omi wọ yàrá rẹ̀ ní oṣù Keje á mọ ohun tó yẹ kó bi í. Oṣù tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ló ń fi hàn bóyá ẹgbẹ́ ló ṣáájú òjò tàbí òjò ló ṣáájú ẹgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìparí ọdún ti ń dára tàbí bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi àdúgbò kan tó ní ilé 64 ṣe àpẹẹrẹ. Owó oṣù ojúlé kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3,000 náírà. Bí gbogbo wọn bá san án, 2,304,000 náírà ló yẹ kó wọlé lọ́dún. Ṣùgbọ́n ilé 41 ló ń san déédéé, nítorí náà 1,476,000 ló wọlé. Ọlọ́dẹ mẹ́rin ń gba 25,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, èyí tó jẹ́ 1,200,000 lọ́dún. Ohun tó kù lọ́wọ́ akápò jẹ́ 276,000 náírà péré, kò sì tíì ra símẹ́ǹtì kankan.

Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi ń dá owó àkànṣe. Ká ní afárá kékeré tó wà ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò náà wó, tí bíríkìlà sì sọ pé 1,100,000 náírà ló máa gbà. Ẹgbẹ́ bu 20,000 lé ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ilé 47 san án, ó di 940,000. Inú àpò owó oṣù ni wọ́n ti mú 160,000 tó kù, ohun tó wá ṣẹ́ kù fún gbogbo ọdún sì di 116,000 náírà.

Alága tó bá ka ìṣirò yìí bó ṣe rí, láìpo owó oṣù àti owó àkànṣe pọ̀, ti ṣe ohun tó yẹ. Àwọn tí wọ́n san 20,000 á rí i pé orí afárá ni owó wọn wà. Àwọn ilé 23 tí kì í san owó oṣù déédéé náà á mọ̀ pé owó ọlọ́dẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ohun tí àwọn yòókù ń dá. Wọn kì í dárúkọ wọn nínú ọ̀rọ̀ náà. Àgbà kì í bú onílé níwájú àlejò. Iye wọn nìkan ni wọ́n ń sọ, orúkọ wà nínú ìwé akápò fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ ni ìgbà tí alága bá ro owó méjèèjì pọ̀, tó ní “lápapọ̀, owó tó wọlé lé ní mílíọ̀nù méjì.” Àpapọ̀ yẹn kò jẹ́ irọ́, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi í mọ ohunkóhun.

Àyẹ̀wò kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe lórí ìjókòó rẹ̀ láìjẹ́ akáǹtáǹtì. Kí ó mú ọ̀rọ̀ ìparí ọdún tó kọjá dání, kí ó wo iye tí wọ́n ní ó ṣẹ́ kù ní ìparí rẹ̀. Iye yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ jẹ́ owó àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kà lọ́dún yìí. Àdúgbò tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń bọ̀ pẹ̀lú 116,000. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti oódo, tàbí tí wọn ò mẹ́nu kan ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìbéèrè ti wà nìyẹn kí wọ́n tó dé oṣù Kejì. Àwọn ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ wọn máa ń yan ènìyàn méjì tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ láti wo risíìtì àti ìwé báńkì ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú àṣekágbá. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti fọwọ́ sí i, alága á sọ bẹ́ẹ̀ kó tó ka owó.

Iṣẹ́ tí kò parí náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú oṣù tó há. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà. Láti 2015 ni ìlànà ti wà lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná pé àdúgbò tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ ṣe ìwé àdéhùn pẹ̀lú iléeṣẹ́ iná, kí owó náà lè padà sọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ tó bá ń kánjú torí òkùnkùn, tó rà á láìṣe ìwé, kò ní ohun tó máa fi béèrè owó rẹ̀. Nítorí náà, “a ti kọ lẹ́tà ní oṣù Kẹrin, wọn ò tíì fèsì, a kò sì tíì rà á” dára ju “ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà wà lọ́wọ́ wa” lọ. Ti àkọ́kọ́ sọ ibi tí a dé. Èkejì kò sọ nǹkan kan.

Kí alága tó jókòó, á ní kí gbogbo ìjókòó dìde fún àwọn tó kú láàrin ọdún. Orúkọ àwọn yìí náà, inú ìwé ìpàdé ni wọ́n ti ń wá, oṣù tí olúkúlùkù papò dà sì wà níbẹ̀. Akọ̀wé kò gbọdọ̀ gbé èyí lé ìrántí. Mo mọ bó ṣe ń rí lára opó tó jókòó títí, tí wọ́n ka orúkọ gbogbo ènìyàn tán, tí kò gbọ́ ti ọkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń ṣí àyè fún ìbéèrè, kí oúnjẹ tó dé. Akọ̀wé á máa kọ gbogbo ìbéèrè sílẹ̀, pàápàá èyí tí alága kò rí ìdáhùn sí. Ẹ̀dà kan ọ̀rọ̀ náà á lọ sínú fáìlì ẹgbẹ́, òmíràn á lọ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń mójú tó ẹgbẹ́ àdúgbò. Àwọn ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn àti iṣẹ́ tí kò parí ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò ní ìpàdé oṣù Kìíní, níbi tí akọ̀wé ti máa ṣí ewé tuntun.