Ọ̀kẹ́ Mẹ́fà Lórí Ìlà

Ọmọ tí wọ́n bá ní kó sọ̀rọ̀ nípa Àgbẹ̀kọ̀yà lórí ìlà láàárọ̀, ọ̀dọ̀ Táfà Adéoyè ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. N kò bá a wí, akọni lọmọdé ń fẹ́. Ṣùgbọ́n Táfà nìkan kọ́ ló jà. Àwọn àgbẹ̀ kòkó abúlé Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìwé kankan kò sì dárúkọ. Báwo la ó ṣe yin ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀? Ohun tó bí i nínú ni kí a sọ, kí a sì sọ iye rẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré lọmọ náà ní. Tó bá ka déètì mẹ́wàá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti máa fi bàtà wa ilẹ̀. Èmi ì bá ní kó bẹ̀rẹ̀ báyìí:

“Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ káàárọ̀. Nígbà owó ẹyọ, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí owó òyìnbó dé, ṣílè márùn-ún làwọn àgbà ń pè ní ọ̀kẹ́. Ní 1968, àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà làwọn lè san fún owó-orí lọ́dún, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Ìjọba fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó kòkó kò tó nǹkan, ọ̀nà oko kò dára, agbowó-orí sì ń wọlé onílé. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n kóra jọ, wọ́n lọ sí Mápó. Àwọn kan kò padà sílé. Lọ́dún kejì, àwọn ará wọn ya wọ ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀.”

Ẹ wò ó, kò tíì dárúkọ ẹnì kankan, a sì ti ń rí àwọn èèyàn náà.

Ibi tó le ṣì kù. Ní 1969 yẹn kan náà ni àwọn tí inú ń bí nítorí owó-orí pa Ṣọ̀ún Ogbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọ́dé. Olùkọ́ mìíràn á ní kọ́mọ fo ìyẹn. Èmi kò ní gbà. Gbólóhùn kan ti tó, ṣùgbọ́n kó wà níbẹ̀, nítorí ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ lè wà lórí ìlà náà.

Lẹ́yìn èyí ni kó wá dárúkọ Táfà, ẹni tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá ní Akànrán ní oṣù Kẹwàá 1969, kí ìjà tó rọlẹ̀. Ìjọba dín owó-orí kù sí pọ́n-ùn méjì. Kọ́mọ náà ṣírò rẹ̀ fún wọn kó tó sọ̀ kalẹ̀: ogójì ṣílè ni pọ́n-ùn méjì. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà làwọn àgbẹ̀ béèrè, ọ̀kẹ́ mẹ́jọ ni wọ́n ní kí wọ́n san.