Tábìlì Àti Ìbọn: Ọ̀nà Ìgbòmìnira Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní ọdún 1945, orílẹ̀-èdè mẹ́rin péré ní Áfíríkà ni a lè pè ní olómìnira: Etiópíà, Làìbéríà, Íjíbítì àti Gúúsù Áfíríkà. Ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, díẹ̀ ló kù tí kò tíì gba tirẹ̀. Àwọn kan gbà á lórí tábìlì ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí gbólóhùn inú òfin. Àwọn kan wọ igbó tàbí orí òkè lọ, wọn ò sì sọ̀ kalẹ̀ fún ọdún méje, ọdún mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé sùúrù àti ìgbónára ló pín wọn níyà, ṣùgbọ́n àlàyé yìí kò jinlẹ̀. Ní ibi tí amúnisìn ti gbà pé ẹnìkan wà tí òun lè bá jókòó, ọ̀rọ̀ di ti tábìlì. Ní ibi tó ti ní kò sẹ́ni náà, pàápàá níbi tí àwọn òyìnbó ti tẹ̀dó tí wọ́n sì ti gba ilẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti ìbọn.

Góòlù Kóòsì, tó ń jẹ́ Gánà lónìí, ló kọ́kọ́ fi èyí hàn ní Áfíríkà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1948, àwọn sójà tó ti ja ogun ní Bọ́mà tò lọ sí ilé Gómìnà ní Osu, ní Ákírà, pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí ìlérí tí wọn kò mú ṣẹ fún wọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan yìnbọn sí wọn, mẹ́ta nínú wọn kú. Ìlú dàrú, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó, ìjọba sì kó àwọn olórí ẹgbẹ́ mẹ́fà sí àtìmọ́lé, Kwame Nkrumah pẹ̀lú wọn. Bó bá jẹ́ pé ìbọn nìkan ló ń bí ìbọn, ogun ì bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù rán ìgbìmọ̀ ìwádìí lọ, ìgbìmọ̀ náà sì ní kí wọ́n tún òfin ìlú ṣe. Nígbà tí ìdìbò dé ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 1951, ẹ̀wọ̀n ni Nkrumah wà nítorí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọdún tó ṣáájú. Inú ẹ̀wọ̀n náà ló ti díje. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjókòó 34 nínú 38 tí àwọn ará ìlú dìbò sí. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, Gómìnà Charles Arden-Clarke tú u sílẹ̀, ó sì ní kó wá ṣe olórí iṣẹ́ ìjọba. Nítorí pé wọ́n ka ìbò náà bó ṣe wà, ẹni tí wọ́n tì mọ́lé di ẹni tí wọ́n ń bá gbìmọ̀, títí di ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1957 tí Gánà gba òmìnira.

Ti Nàìjíríà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àríyànjiyàn tó le jù níbẹ̀ kì í ṣe ti dúdú àti òyìnbó. Kì í ṣe pé kò sí àwọn tó fẹ́ ọ̀nà líle. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Zikist ń polongo pé kí ará ìlú má san owó orí mọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà èédú 21 ní Iva Valley lẹ́bàá Enugu. Ìbínú tó tẹ̀lé e pọ̀, ṣùgbọ́n ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ Zikist ní ọdún 1950, ó kó àwọn olórí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n, lọ́dún kan náà tí àpérò nípa òfin tuntun ń lọ lọ́wọ́ ní Ìbàdàn. Bí ilẹ̀kùn kan ṣe ń tì ni òmíràn ń ṣí, ibi tó ṣí sílẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olóṣèlú gbà.

Gbólóhùn kúkúrú kan ló fẹ́ dá ọ̀nà náà rú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro, ọmọ ọdún 29, dìde nílé aṣòfin ní Èkó, ó sì dá a lábàá pé kí Nàìjíríà máa ṣàkóso ara rẹ̀ ní ọdún 1956. Sardauna Sókótó, Ahmadu Bello, ní kí wọ́n yọ ọdún náà kúrò, kí wọ́n fi "ní kété tó bá ti ṣeé ṣe" rọ́pò rẹ̀. Ohun tí Sardauna rí ni pé àwọn tó kàwé ní Gúúsù pọ̀ ju ti Àríwá lọ lọ́nà tó jìnnà. Bí òyìnbó bá lọ ní 1956, àwọn ará Gúúsù ni yóò gba àga wọn. Awólọ́wọ̀ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ dìde jáde, àwọn NCNC náà jáde. Àwọn èrò ọjà Èkó fi àwọn aṣòfin Àríwá ṣẹ̀sín bí wọ́n ṣe ń lọ sílé. Nígbà tí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fẹ́ rán àwọn aṣojú tí Samuel Akíntọ́lá ṣe olórí lọ sí Kánò nínú oṣù Karùn-ún, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ nílùú náà. Ènìyàn 36 ló kú nínú àkọsílẹ̀ ìjọba.

Ìjà yìí ló gbé gbogbo wọn dé Lọ́ńdọ̀nù ní òpin oṣù Keje. Oliver Lyttelton, mínísítà tó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ ìmúnisìn, ló jókòó gẹ́gẹ́ bí alága. Iṣẹ́ tó ṣe gan-an ni ti adájọ́ láàárín àwọn arákùnrin tó ń jà. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé agbègbè tó bá fẹ́ lè máa ṣàkóso ara rẹ̀ ní ọdún 1956, kí agbègbè tí kò bá tíì fẹ́ dúró díẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe rí ọgbọ́n fi pa ọ̀rọ̀ Enahoro àti ti Sardauna pọ̀. Èkó ló wá kù. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní ara ilẹ̀ Yorùbá ni, kò gbọdọ̀ kúrò lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn yòókù ní olú-ìlú gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Lyttelton yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, Awólọ́wọ̀ fa ìbínú yọ, ṣùgbọ́n kò fi tábìlì sílẹ̀ pátápátá. Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1954. Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gba ìṣàkóso ara wọn ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1957, Àríwá gba tirẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1959.

Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ohun tí ẹnu kò bá kò lé lórí, wọ́n máa ń sún un síwájú. Ní àpérò 1957, àwọn ẹ̀yà kékeré sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn lábẹ́ àwọn ẹ̀yà ńlá mẹ́ta, wọ́n sì ń bèèrè fún agbègbè tiwọn. Ìgbìmọ̀ Henry Willink lọ káàkiri láti gbọ́ wọn. Ó gbà pé ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù lásán, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n má dá agbègbè tuntun sílẹ̀, kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú òfin dípò rẹ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ ta kú lórí agbègbè tuntun yóò dá ọjọ́ òmìnira dúró. Wọ́n gba ọjọ́ náà, 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, wọ́n sì gbé ẹ̀rù náà wọ inú òmìnira.

Àlùjéríà ni òdì kejì. Faransé ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1830, kò sì kà á sí ilẹ̀ ìmúnisìn. Lábẹ́ òfin, ara ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ ni. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan òyìnbó ló ń gbé níbẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí tó ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Ní ọdún 1947 wọ́n ṣe ilé aṣòfin oníjòókòó 120: 60 fún òyìnbó pẹ̀lú ìwọ̀nba Mùsùlùmí díẹ̀, 60 fún gbogbo Mùsùlùmí yòókù. Èyí nìkan kọ́. Ẹgbẹ́ MTLD ti Messali Hadj ti mú ipò tó dára nínú ìdìbò àwọn ìlú ní ọdún 1947. Nígbà tí ìdìbò ilé aṣòfin dé ní oṣù Kẹrin ọdún 1948, ìjọba ti àwọn olùdíje rẹ̀ kan mọ́lé, ó sì yí ìbò débi pé ìjókòó mẹ́sàn-án péré ló kàn án nínú 60. Ohun tó gbé Nkrumah jáde kúrò lẹ́wọ̀n kò sí níhìn-ín. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà parí èrò sí pé ìdìbò kò lè gbé àwọn débì kankan, àwọn kan nínú wọn ló sì dá FLN sílẹ̀, tí ìkọlù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1954.

Ohun tí ìbọn náà ń wá ni pé kí ayé gbà pé FLN ni a óò bá sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1956, Faransé ń fi ìkọ̀kọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá, ọkọ̀ òfuurufú tó gbé Ahmed Ben Bella àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Mòrókò lọ sí Tùnísíà ni àwọn Faransé darí sí olú-ìlú Àlùjéríà, wọ́n sì mú wọn. Ìsọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Ní oṣù Kínní ọdún 1957, FLN pe ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ ní àkókò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹ́ jíròrò lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn sójà alábùradà fi ọkọ̀ fa ilẹ̀kùn irin àwọn ṣọ́ọ̀bù ya, wọ́n sì fipá kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fi ìdálóró tú àṣírí ẹgbẹ́ náà ní olú-ìlú, wọ́n sì tú u ká.

Ní ojú ogun, Faransé ń borí. Wáyà oníná dí ààlà Tùnísíà, àwọn jagunjagun inú ilẹ̀ sì ń dín kù láti 1959. Síbẹ̀ FLN ti dá ìjọba fìdíhẹ sílẹ̀ ní Káírò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958, àwọn orílẹ̀-èdè sì ń gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1960, èrò tú jáde ní olú-ìlú pẹ̀lú àsíá FLN nígbà tí Charles de Gaulle wá ṣe àbẹ̀wò sí ilẹ̀ náà. Ogun tí Faransé ń borí nínú rẹ̀ lórí òkè ti di òfo láàárín ìgboro.

Nígbà tí wọ́n jókòó ní Évian ní oṣù Karùn-ún ọdún 1961, àwọn aṣojú Àlùjéríà kò sùn ní ilẹ̀ Faransé. Switzerland ni wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń fi hẹlikópítà gbé wọn kọjá adágún. Àwọn kan ti ju bọ́ǹbù pa olórí ìlú Évian kí ìpàdé náà tó bẹ̀rẹ̀. Aṣálẹ̀ Sàhárà, níbi tí wọ́n ti rí epo rọ̀bì ní ọdún 1956, ló dá ìsọ̀rọ̀ náà dúró: Faransé fẹ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀, Krim Belkacem àti àwọn tirẹ̀ kò gbà. De Gaulle gbà nígbẹ̀yìn. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1962, òmìnira sì dé ní oṣù Keje. Ìwé náà dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn òyìnbó tó bá fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti wọ ọkọ̀ ojú omi kí ọdún náà tó parí. Ìjọba Àlùjéríà ní àwọn òkú ogun náà tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Àwọn onítàn kan ka iye tó kéré sí èyí dáadáa.

Kẹ́ńyà wà láàárín méjèèjì. Òyìnbó tẹ̀dó sórí ilẹ̀ olókè tó dára jù, ogun Mau Mau sì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1952. Wọ́n ṣẹ́gun àwọn jagunjagun náà, wọ́n so Dedan Kimathi kọ́ ní ọdún 1957. Ṣùgbọ́n owó tí Bírítéènì ná àti ọ̀pọ̀ ẹ̀wọ̀n tó kó àwọn Kikuyu sí mú kó rí i pé kò ní lè gbèjà àwọn òyìnbó díẹ̀ náà títí. Láti 1960 lọ, tábìlì Lọ́ńdọ̀nù ló gba ọ̀rọ̀ náà, òmìnira sì dé ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1963.

Pọtogí ni kò ní tábìlì rárá, nítorí kò fún àwọn ọmọ ilẹ̀ tirẹ̀ gan-an láyè ìdìbò òtítọ́. Ní Guinea-Bissau, ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn òṣìṣẹ́ èbúté tó daṣẹ́ sílẹ̀ ní Pidjiguiti ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1959. Ẹgbẹ́ PAIGC ti Amílcar Cabral fi ìgboro sílẹ̀, ó lọ ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1963. Wọ́n pa Cabral ní Conakry ní oṣù Kínní ọdún 1973. Ní oṣù Kẹsàn-án, ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde òmìnira nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà, láì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí Pọtogí tó lè fọwọ́ sí i, àwọn ọ̀gá sójà tirẹ̀, tí ogun Áfíríkà ti sú, ní láti kọ́kọ́ lé ìjọba kúrò ní Lisbon ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1974. Ó gba Guinea-Bissau ní olómìnira ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà.