Àwòrán Bàìbàì àti Ìṣirò Tó Ń Dá A Padà: Ọ̀nà Gígé àti Ọ̀nà Tikhonov

Bí awò kámẹ́rà kò bá gún régé sí ohun tí a fẹ́ yà, àwòrán á jáde ní bàìbàì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó bọ́ sí ojú kan ṣoṣo máa ń tàn dé àwọn ojú tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe tàn kálẹ̀ lè rò pé ìṣirò lásán ló kù, pé kí a ṣáà kó ìmọ́lẹ̀ kálukú padà sí àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìṣirò dá àwòrán gidi padà lọ́nà tààrà bẹ́ẹ̀, ohun tó sábà máa ń jáde ni àmì tó-tò-tó tó bo gbogbo ojú àwòrán, tí èyí tó bàìbàì tẹ́lẹ̀ á sì sàn jù ú lọ.

Irú ìṣòro yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣirò. Ní ọdún 1902, Jacques Hadamard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ ohun mẹ́ta tó yẹ kí ìṣòro ní kó tó lè dúró dáadáa: kí ìdáhùn wà, kí ìdáhùn náà jẹ́ ẹyọ kan, kí àṣìṣe kékeré nínú dátà má sì bí àṣìṣe ńlá nínú ìdáhùn. Ìṣòro tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọ́n ni a ń pè ní ìṣòro tí kò dúró dáadáa. Ẹ̀kẹta ló sábà máa ń wọ́n nínú títún àwòrán ṣe, nínú kíka àwòrán inú ara láti ara ìtànṣán ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, àti nínú wíwá ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ara ìwọ̀n tí a ṣe lókè ilẹ̀.

Àpẹẹrẹ kékeré kan tó láti fi ibi tí wàhálà wà hàn. Píksẹ́lì ni àwọn ojú kéékèèké tí àwòrán inú kọ̀ǹpútà pín sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ká ní àwòrán kan ní píksẹ́lì méjì péré. Ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ 120, ti èkejì jẹ́ 80. Kámẹ́rà náà bàìbàì débi pé ìdá 51 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló dúró sí àyè rẹ̀, ìdá 49 tó kù sì lọ sọ́dọ̀ èkejì. Ohun tó yẹ kí kámẹ́rà kọ sílẹ̀ ni 100.4 àti 99.6. Ìyàtọ̀ 40 tó wà láàárín àwọn méjèèjì ti dín kù sí 0.8.

Kò sí kámẹ́rà tí kì í ṣi ìmọ́lẹ̀ wọ̀n díẹ̀. Àṣìṣe kéékèèké tó ń wọ inú dátà báyìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ariwo. Ká ní ariwo yọ 1 kúrò lára àkọ́kọ́, ó sì fi 1 kún èkejì, tí kámẹ́rà fi wá kọ 99.4 àti 100.6. Àṣìṣe náà kò ju ìdá kan nínú 100 lọ. Síbẹ̀, bí a bá yanjú ìṣirò náà tààrà, ìdáhùn rẹ̀ ni 70 àti 130. Píksẹ́lì tó mọ́lẹ̀ jù ti di èyí tó ṣókùnkùn jù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ibi tí ẹni tó ṣírò ti ṣì í: ìdá 51 nínú 100 ti 70 pẹ̀lú ìdá 49 nínú 100 ti 130 jẹ́ 99.4 géérégé.

Ohun tó ń tú àṣírí yìí ni ìtúpalẹ̀ iye síngúlà, tí ètò orí kọ̀ǹpútà máa ń pè ní SVD. Eugenio Beltrami ní ilẹ̀ Ítálì gbé e jáde ní ọdún 1873, Camille Jordan ní ilẹ̀ Faransé sì gbé e jáde lọ́tọ̀ ní ọdún 1874. Ọdún 1965 ni Gene Golub àti William Kahan fi ọ̀nà tó dára tí kọ̀ǹpútà lè gbà ṣírò rẹ̀ hàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pín àwòrán sí àwọn àwòṣe tí kì í dà pọ̀ mọ́ra, kó sì sọ iye tí kámẹ́rà fi ń sọ àwòṣe kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ bó ṣe ń kọjá. Iye yẹn ni iye síngúlà.

Àwòṣe méjì péré ló wà nínú àpẹẹrẹ wa. Àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ tí píksẹ́lì méjèèjì jọ ní; èkejì ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Iye síngúlà àkọ́kọ́ jẹ́ 1, nítorí ohun tí wọ́n jọ ní kọjá láìdín. Ti èkejì jẹ́ 0.02, nítorí náà ni 40 ṣe di 0.8. Láti dá àwòrán padà, a ní láti pín ìyàtọ̀ tí a rí sí 0.02, ìyẹn ni pé ká sọ ọ́ di ìlọ́po 50. Ariwo ti fa ìyàtọ̀ náà láti 0.8 wá sí òdì 1.2, ìlọ́po 50 rẹ̀ jẹ́ òdì 60, òun ló bí 70 àti 130. Bíi rédíò tó ń gbé ilé iṣẹ́ tó jìnnà ni: bí a bá yí i sókè kí ọ̀rọ̀ lè dún, ariwo náà á ròkè pẹ̀lú rẹ̀.

Nínú àwòrán ńlá, iye síngúlà pọ̀ gan-an, wọ́n á sì máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí wọ́n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Àwòṣe tí iye rẹ̀ ga ni èyí tó tẹ́jú, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yí padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwòṣe tí iye rẹ̀ kéré ni èyí tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ń gbapò ara wọn léraléra, ìyẹn àwọn nǹkan tín-ín-tín inú àwòrán. Àwọn wọ̀nyí ni bàìbàì kọ́kọ́ máa ń pa rẹ́, àwọn náà sì ni ariwo máa ń bò mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ láti bọ́ nínú ewu yìí ni ọ̀nà gígé. A ó to iye síngúlà láti orí èyí tó tóbi jù, a ó mú àwọn tó ga lò, a ó sì gé ìyókù dànù pátápátá. Bí a bá gé 0.02 kúrò nínú àpẹẹrẹ wa, ohun tí wọ́n jọ ní nìkan ló kù, ìdáhùn á sì jẹ́ 100 àti 100. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín píksẹ́lì méjèèjì ti sọnù, ṣùgbọ́n 20 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi jìnnà sí òótọ́, nígbà tí ìdáhùn tààrà fi 50 jìnnà sí i.

Gígé kọ́ ló tọ́ nígbà gbogbo. Bí kámẹ́rà bá dára tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo kò ju 0.1 lọ, ó lè kọ 100.5 àti 99.5. Ìṣirò tààrà á mú 125 àti 75 jáde, èyí tó sún mọ́ òótọ́ gan-an. Ẹni tó bá gé 0.02 kúrò níhìn-ín yóò padà sí 100 àti 100, yóò sì sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nù. Nítorí náà, iye síngúlà nìkan kò lè sọ ibi tó yẹ kí a gé. Bí ariwo ṣe pọ̀ tó ni a ní láti fi wé e.

Vladimir Morozov, onímọ̀ ìṣirò ní Soviet, ṣe òfin kan lórí èyí ní ọdún 1966. A ó mú ìdáhùn tí a rí, a ó tún sọ ọ́ di bàìbàì lórí ìwé, a ó sì wo bó ṣe jìnnà tó sí ohun tí kámẹ́rà kọ. Bí àlàfo náà kò bá ju ariwo lọ, kò sí ìdí láti wá kúlẹ̀kúlẹ̀ sí i, torí ariwo ni a ó máa lé kiri. Nínú ọ̀ràn àkọ́kọ́, 100 àti 100 fi 0.6 jìnnà sí 99.4 àti 100.6, ariwo jẹ́ 1, nítorí náà gígé tọ́. Nínú ọ̀ràn kejì, àlàfo jẹ́ 0.5, ariwo sì jẹ́ 0.1, gígé ti pọ̀ jù.

Ọ̀nà kejì kì í gé, ṣe ló ń rọ nǹkan wálẹ̀. D. L. Phillips ní Amẹ́ríkà tẹ irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1962, Andrey Tikhonov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, sì tẹ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1963. Orúkọ Tikhonov ló mọ́ ọn lára. Dípò kí a máa wá ìdáhùn tó bá dátà mu nìkan, a ó wá èyí tó bá a mu, síbẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ga ju bó ti yẹ lọ. Nọ́ńbà kan tí a ń kọ bí α ló ń sọ bí a ṣe fẹ́ ká èkejì sí tó. Bí a bá tú u palẹ̀, ọ̀nà náà ń sọ ìdáhùn tààrà inú àwòṣe kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú iye yìí, níbi tí s jẹ́ iye síngúlà rẹ̀:

f = s² / (s² + α)

Bí s bá tóbi, f á sún mọ́ 1, a ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má fọwọ́ kan àwòṣe náà. Bí s bá kéré, f á sún mọ́ òdo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé a gé e. Ọ̀nà gígé kò mọ̀ ju 1 tàbí òdo lọ. Ti Tikhonov ní gbogbo ohun tó wà láàárín wọn.

Òfin Morozov ló tún ń yan α. Nínú ọ̀ràn tí ariwo jẹ́ 0.1, α jẹ́ nǹkan bí 0.0001. Fún àwòṣe ìyàtọ̀, f jẹ́ 0.8, ìyàtọ̀ 50 tí ìṣirò tààrà mú wá dín kù sí 40, ìdáhùn sì jẹ́ nǹkan bí 120 àti 80. Kì í bọ́ sí i tó báyìí nígbà gbogbo. Bí ariwo kan náà bá fà sí apá kejì, tí kámẹ́rà kọ 100.3 àti 99.7, òfin yìí á mú nǹkan bí 110 àti 90 wá, torí ariwo ti ń dín ìyàtọ̀ kù tẹ́lẹ̀, α sì tún dín in kù sí i. Nínú ọ̀ràn tí ariwo jẹ́ 1, α ga dé nǹkan bí 0.008, ìdáhùn sì wà ní bí 98 àti 101. Ó hàn níhìn-ín pé ohun tí píksẹ́lì méjèèjì jọ ní náà dín díẹ̀ sí 100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àṣìṣe lára rẹ̀. Iye tí ọ̀nà Tikhonov ń gbà fún ìfọ̀kànbalẹ̀ nìyẹn: ó máa ń fa gbogbo ìdáhùn sí ìsàlẹ̀ díẹ̀.

Nínú iṣẹ́ ńlá, bí àwòrán ṣe tóbi tó ló sábà máa ń pinnu èyí tí a ó lò. Àwòrán tó ní píksẹ́lì 1000 ní ìbú àti 1000 ní gígùn ní mílíọ̀nù kan nọ́ńbà tí a kò mọ̀. Táńbìlì ìṣirò rẹ̀ á ní ìlà mílíọ̀nù kan àti òpó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà kò lè tú irú rẹ̀ palẹ̀ ní tààrà. Ọ̀nà Tikhonov kò nílò ìtúpalẹ̀ náà; a lè ṣírò ìdáhùn rẹ̀ ní ìpele ìpele, kí ó máa sún mọ́ ibi tó yẹ. Níbi tí ìtúpalẹ̀ bá ti ṣeé ṣe, ó ní àǹfààní tirẹ̀: a lè wo bí dátà ṣe pọ̀ tó nínú àwòṣe kọ̀ọ̀kan. Iye náà á máa lọ sílẹ̀ bí iye síngúlà ṣe ń rẹlẹ̀, títí dé ibi tí kò ti ní lọ sílẹ̀ mọ́, tó kàn tẹ́ bẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni ariwo ti gba ipò dátà, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí a gé.

Ọ̀nà méjèèjì ní àbùkù kan náà. Ohun tí ariwo ti bò pátápátá, wọn kò lè rí i padà. Etí ilé tàbí ìlà lẹ́tà tó mú gírígírí wà lára àwọn àwòṣe tín-ín-tín, nítorí náà ó máa ń jáde ní rírọ̀, nígbà míì tí ìlà òjìji yóò sì yí i ká. Nítorí èyí ni Leonid Rudin, Stanley Osher àti Emad Fatemi ṣe gbé ọ̀nà mìíràn jáde ní ọdún 1992, tó fàyè gba etí tó mú, tí kò sì fàyè gba ìmọ́lẹ̀ tó ń fò sókè sódò láìdúró. Yálà ọ̀nà tuntun tàbí ti àtijọ́, bí a bá ṣi bí kámẹ́rà ṣe bàìbàì wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí α tó lè tún un ṣe, torí àwọn àwòṣe fúnra wọn ni a ti ṣì mú.